Bí a ṣe ń kọ ọjà tí wọ́n fi lọ̀ wá ní èdè Faransé, tí àárín wa àti ọlọ́jà ò ní bàjẹ́

Ìyá Àǹkárá, Ìbàdàn

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o, ẹ̀yin ará ibí. Ìyá kan wà ní Lómè tó ti ń kó àǹkárá fún mi bí ọdún mẹ́rin. Ọjà rẹ̀ dára, kì í sì í rẹ́ni jẹ. Lọ́sẹ̀ yìí ló fi ìwé iye owó ránṣẹ́ sórí Wọ́sáàpù: 200 «demi-pièce», 14 500 sẹ́fà lọ́kọ̀ọ̀kan, kí n san ìdajì sílẹ̀ kó tó di ẹrù. Apá mi ò ká a. Ìdajì yẹn nìkan jẹ́ 1 450 000 sẹ́fà, bẹ́ẹ̀ 50 tàbí 60 ni mo sábà ń rà. Mi ò fẹ́ kó máa rò pé mo ti rí ẹlòmíì. Faransé mi ò ju ti ẹnu ọjà lọ. Ohun tí mo kọ rèé, ẹ bá mi wò ó kí n tó fi ránṣẹ́:

```
Bonjour. J'ai bien reçu votre devis, c'est bien.
Le prix est trop cher pour moi. Je vais
éventuellement acheter. Attendez-moi.
```

Báyọ̀ Gbági

Ẹ má wulẹ̀ dáhùn, màmá. Ṣé «Offre valable 15 jours» wà nísàlẹ̀ ìwé náà? Tí ọjọ́ 15 bá ti pé, ọ̀rọ̀ ti tán nìyẹn. Ẹni tí ò fèsì ò rà. Ẹ ò bá ẹnikẹ́ni jà, ẹ ò sì kọ Faransé kankan tí wọ́n á fi yín ṣe yẹ̀yẹ́. Nígbà tí ẹ bá tún nílò ọjà, ẹ kí i bí ẹ ṣe máa ń kí i.

Ọmọ Àjàṣẹ́

Báyọ̀, òótọ́ wà nínú ohun tí ẹ sọ, àmọ́ kò pé. Tógò wà nínú OHADA, àjọ tí àwọn orílẹ̀-èdè inú rẹ̀ jọ ń lo òfin ìṣòwò kan náà, bíi ti Bẹ̀nẹ̀ níbí. Òfin ìṣòwò wọn sọ pé ìdákẹ́jẹ́ẹ́ nìkan kì í ṣe gbígbà. Ṣùgbọ́n òfin kan náà ka ìṣe tó ti mọ́ oníṣòwò méjì lára sí. Tó bá jẹ́ pé tẹ́lẹ̀, ìyá yìí máa ń fi ìwé ránṣẹ́, á di ẹrù láì dúró de èsì, tí Ìyá Àǹkárá á sì sanwó nígbà tí ẹrù bá dé, ìdákẹ́jẹ́ẹ́ ti ní ìtumọ̀ mìíràn láàárín àwọn méjèèjì nìyẹn.

Ká tilẹ̀ gbé òfin jù sẹ́gbẹ̀ẹ́. Ọlọ́jà tó kọ ọjọ́ 15 sínú ìwé lè gbé ọjà náà sẹ́gbẹ̀ẹ́ de oníbàárà rẹ̀ àtijọ́. Owó rẹ̀ há síbẹ̀. Ẹni mìíràn lè wá rà á kó ní ó ti lólówó. Tó bá wá di ọjọ́ 16 tí kò gbúròó, ohun tó máa dùn ún ni ọjọ́ tó fi ṣòfò, kì í ṣe pé wọn ò ra ọjà. Èsì ọjọ́ kejì tàbí ọjọ́ kẹta ṣe é lóore ju ìdákẹ́jẹ́ẹ́ lọ.

Ìyá Àǹkárá, ẹ má tíì fi èyí tí ẹ kọ ránṣẹ́. Mo fẹ́ mú un ní ìlà kọ̀ọ̀kan, nítorí gbogbo rẹ̀ ló ń sọ òdìkejì ohun tó wà lọ́kàn yín.

«C'est bien» lẹ́yìn «j'ai bien reçu votre devis»: létí ẹni tó ń tajà, ẹ ti gbà nìyẹn. Ìwé dé, ó dára, ó parí.

«Le prix est trop cher»: àkọ́kọ́, àwọn olùkọ́ Faransé á ní ọjà ló ń jẹ́ «cher», iye owó máa ń jẹ́ «élevé» ni. Ìyẹn kéré. Èyí tó léwu ni pé kì í ṣe iye owó ló lé yín sá. Ẹ ní ẹrù pọ̀, owó àsansílẹ̀ sì wúwo. Tí ẹ bá fi iye owó ṣàwáwí, ìyá náà á yọ 500 sẹ́fà kúrò lórí ọ̀kọ̀ọ̀kan. 100 000 ló fi sílẹ̀ nítorí yín yẹn. Kí lẹ máa wá sọ? Ẹ máa ní láti wá àwáwí kejì, ibẹ̀ ló ti máa mọ̀ pé ti àkọ́kọ́ kì í ṣe òótọ́.

«Éventuellement»: ọ̀rọ̀ yìí ń tan àwa tó gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì jẹ gan-an. Kò túmọ̀ sí «nígbẹ̀yìn gbẹ́yín». «Bóyá» ni, «tó bá ṣeé ṣe». Ẹ fẹ́ sọ pé ẹ ṣì máa rà lọ́jọ́ iwájú, ẹ sì kọ pé bóyá ẹ máa ra èyí.

«Attendez-moi»: ẹ ti ní kó gbé ọjà pamọ́ dè yín nìyẹn. Tí 200 náà bá wà nílẹ̀ di oṣù tó ń bọ̀, ẹ̀yin lẹ ní kó ṣe bẹ́ẹ̀.

Ìyá Àǹkárá, Ìbàdàn

Háà! Ẹ ṣeun, ọmọ mi. Mo rò pé mo ń fi ọ̀wọ̀ bá a sọ̀rọ̀ ni. Kí ni kí n kọ báyìí? Ẹ má kọ èyí tó le jù o. Ọmọ rẹ̀ obìnrin ló máa ń ka iṣẹ́ tí mo bá rán sí i létí, òun fúnra rẹ̀ kì í kàwé púpọ̀.

Alhaji Kájú

Tèmi náà wà nílẹ̀ báyìí. Ẹnì kan ní Párákú ni mo ti san ìpín 30 nínú ọgọ́rùn-ún fún, mo sì fẹ́ jáwọ́. Ṣé kí n kọ «je décline votre offre» sí i?

Ọmọ Àjàṣẹ́

Rárá, Alhaji, ọ̀nà tiyín yàtọ̀ sí ti màmá. Wọn ò tíì gba ohunkóhun ní tiwọn. Ẹ̀yin ti gbà, ẹ ti sanwó, àdéhùn ti wà. «Annuler la commande» ni wọ́n ń pe ohun tí ẹ fẹ́ ṣe, ẹ sì gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ ka ohun tí ìwé tí ẹ jọ fọwọ́ sí sọ nípa «acompte», ìyẹn owó àsansílẹ̀. Lábẹ́ orúkọ yẹn, ó lè má padà sọ́wọ́ yín, wọ́n sì lè béèrè ìyókù. Ẹ dá ìbéèrè tiyín sílẹ̀ lọ́tọ̀, kí a lè rí gbogbo ìwé náà.

Ó tún mú mi rántí ohun kan fún màmá: tí ìyá náà bá ní kí ẹ fọwọ́ sí ìwé iye owó kí ẹ sì dá a padà, ẹ má ṣe é. «Bon pour accord», déètì àti ìbuwọ́lùwé lórí «devis», ọjà ti di rírà nìyẹn. Àwọn kan máa ń fọwọ́ sí i bí ẹni pé ẹ̀rí pé ìwé dé ni. «Bien reçu» ni ẹ kọ tó bá jẹ́ pé ẹ kàn fẹ́ sọ pé ẹ rí i, láì fi ohunkóhun kún un.

Ó yá, màmá. Níwọ̀n bí ọmọ rẹ̀ ti máa kà á síta, ẹ jẹ́ kí gbolohùn kúrú, kí ohun tí ẹ ò lè ṣe wà nínú gbolohùn kan ṣoṣo, kó má fara pamọ́ síbì kankan:

```
Bonsoir Maman,

J'espère que vous allez bien, et la famille aussi.
Merci pour votre devis du 4 mars et pour les photos
des nouveaux dessins.

Cette fois-ci, je ne pourrai pas prendre les 200
demi-pièces. La quantité dépasse ce que je peux
payer d'un coup. Ne les gardez pas pour moi, s'il
vous plaît.

Je reste preneuse pour 40 à 60 demi-pièces. Je vous
écrirai après la Tabaski pour voir ce que vous aurez.

Merci pour votre patience. On est ensemble.
```

Ẹ fi déètì tó wà lórí ìwé tirẹ̀ rọ́pò ti «4 mars». Bí ẹ bá ń pè é ní «Madame» tẹ́lẹ̀, ẹ má yí i padà sí «Maman» lójijì lọ́jọ́ tí ẹ ń kọ ọjà rẹ̀.

Ẹ wo «cette fois-ci». Òun ló ń pààlà sí ìkọ̀ náà: èyí nìkan ni mi ò gbà. Àwọn èèyàn sábà máa ń fi «pour le moment» síbẹ̀. Wọ́n rò pé ó rọ̀ ju bẹ́ẹ̀ lọ, àmọ́ «mi ò tíì» ló ń sọ, ọmọ rẹ̀ á sì máa béèrè lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ pé ṣé àkókò ti tó. «Je ne pourrai pas» náà fi díẹ̀ rọ̀ ju «je ne veux pas» lọ, nítorí agbára ló ń tọ́ka sí, kì í ṣe ìfẹ́.

Gbolohùn «ne les gardez pas pour moi» ni kí ẹ má ṣe yọ, ohun yòówù kí ẹ yọ. Ó lè dà bí ẹni pé ó le. Òun gan-an ni oore tó wà nínú gbogbo iṣẹ́ tí ẹ rán. Òun ló tú ọjà rẹ̀ sílẹ̀ fún ẹlòmíì.

Níkẹ̀ẹ́ Lọ́ńdọ̀nù

Ó dára púpọ̀. Ẹ jẹ́ kí n fi ti àwa tó ń ra ọjà ní Páríìsì kún un, nítorí ẹnì kan lè ka ibí yìí kó wá fi «On est ensemble» ránṣẹ́ sí ilé iṣẹ́ kan níbẹ̀. Ní Lómè àti Kútọnu, ọ̀rọ̀ ìfẹ́ ni. Ní Páríìsì, ó lè ya ẹni tó kà á lẹ́nu. Ti ilé iṣẹ́, ímeèlì ni, orí ìwé iye owó ló sì gbọ́dọ̀ dúró lé:

```
Objet : Votre devis n° 0217 du 4 mars

Madame,

Nous vous remercions de votre devis cité en objet
et du soin que vous y avez apporté.

Après étude, nous ne sommes malheureusement pas en
mesure d'y donner une suite favorable : la quantité
minimale dépasse nos besoins de cette saison.

Nous serions en revanche intéressés par une offre
portant sur 40 à 60 demi-pièces.

Bien cordialement,
```

«Malheureusement» kan ti tó. Ẹni tó bá kọ «désolé», «hélas» àti «malheureusement» sínú ìlà mẹ́rin dà bí ẹni tó ṣẹ̀. Kíkọ ọjà kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀. Àwọn ará Faransé máa ń rí i bí iṣẹ́ ojoojúmọ́.

Àṣìṣe tí mo máa ń rí jù ni kí «pas» jábọ́. Gbolohùn náà gùn, ẹni tó ń dà á kọ á kọ «nous ne sommes malheureusement en mesure», ẹni tó ń kà á á sì máa wò ó pé ṣé wọ́n gbà ni àbí wọn ò gbà. Ẹ ka ímeèlì yín síta lẹ́ẹ̀kan kí ẹ tó tẹ̀ ẹ́, kí etí yín gbọ́ «ne» àti «pas» méjèèjì.

Ìwé tó bá máa parí pẹ̀lú «Veuillez agréer, Madame, l'expression de nos salutations distinguées» náà wà o, ti lẹ́tà orí bébà ni. Orúkọ tí ẹ fi bẹ̀rẹ̀ lókè, òun náà ni ẹ gbọ́dọ̀ tún pè nínú ìlà yẹn. Ẹ ò lè kọ «Monsieur» lókè kí ẹ wá kọ «Madame» nísàlẹ̀ nítorí pé ẹ dà á kọ láti inú lẹ́tà àtijọ́. Fún ẹni tí ẹ ti jọ ń ṣòwò fún ọdún mẹ́rin, ìlà yẹn á dà bí ẹni pé ẹ ti di àjèjì sí i lójijì.

Báyọ̀ Gbági

Mo gbà pé kí wọ́n fèsì. Ṣùgbọ́n kí ló dé tí màmá ò kàn fi dúnàádúrà? Kí wọ́n kọ «D'accord pour 12 000 F». Ó lè gbà. Tí kò bá gbà, wọ́n ti kọ̀ nìyẹn láì sọ pé wọ́n kọ̀.

Ọmọ Àjàṣẹ́

Nítorí «D'accord» ló ṣáájú, Báyọ̀. Lórí Wọ́sáàpù, ìlà àkọ́kọ́ ló máa ń hàn kí èèyàn tó ṣí i, ọmọbìnrin yẹn sì lè pariwo sí ìyá rẹ̀ pé «wọ́n ti gbà!» kó tó ka ìyókù. Bí ẹ bá fẹ́ dá iye mìíràn lé e, ẹ fi ìbéèrè bẹ̀rẹ̀: «Est-ce que vous pourriez faire 12 000 F ?»

Ẹ tún mọ ohun tó tẹ̀ lé e. Nínú òfin OHADA, ẹni tó dáhùn tó sì yí iye owó padà ti kọ ti àkọ́kọ́, ó sì ti gbé tuntun kalẹ̀. 14 500 ti wọlẹ̀. Bí ìyá náà bá ní òun ò ta 12 000, tí ẹ wá sáré padà pé ó dáa, ẹ máa san 14 500, kò di dandan kó tà á fún yín mọ́. Nítorí náà, dúnàádúrà wà fún ẹni tó fẹ́ ọjà. Màmá ò fẹ́ 200, ì báà jẹ́ 12 000.

Ìyá Àǹkárá, Ìbàdàn

Òótọ́ ni. Bó tilẹ̀ fún mi ní 11 000, níbo ni mo fẹ́ kó 200 sí?

Ẹ jọ̀ọ́, ohun kan tún wà. Ẹni kan ní Kútọnu ń ta irú rẹ̀ ní 13 800, ó sì gbà kí n ra 50. Ṣé kí n sọ ọ́ fún un? Kò dáa kí n fi bò.

Níkẹ̀ẹ́ Lọ́ńdọ̀nù

Ẹ má sọ ọ́. Tí ẹ bá ti dárúkọ iye ẹlòmíì, ohun tí yóò gbọ́ ni pé ẹ ń fi ẹlòmíì halẹ̀ mọ́ ọn. Ìdí tí ẹ fún un ti tó, òótọ́ sì ni.

Ọmọ Àjàṣẹ́

Níbí ni èmi àti Níkẹ̀ẹ́ ò ti fẹnu kò. Fún ilé iṣẹ́ ní Páríìsì, mo gbà. Àmọ́ ìyá ọlọ́jà tó ti mọ̀ yín fún ọdún mẹ́rin lè fẹ́ mọ ohun tó ń lọ lọ́jà, ó tilẹ̀ lè bínú tó bá gbọ́ ọ lẹ́nu ẹlòmíì lẹ́yìn náà. Bí ẹ bá máa sọ ọ́, ẹ má kọ ọ́ sínú iṣẹ́ tí ẹ fi ń kọ ọjà. Ẹ sọ ọ́ lórí fóònù lọ́jọ́ mìíràn, bí ìròyìn ọjà, láì dárúkọ ẹni tó ń tà á: «On m'a proposé à 13 800 pour 50.»

Kí ẹ tó gbà pé 13 800 dín sí 14 500 ṣá, ẹ bi ẹni Kútọnu yẹn léèrè bóyá yáàdì mẹ́fà ni. «Pièce» odidi jẹ́ yáàdì 12, «demi-pièce» jẹ́ 6, «pagne» kan jẹ́ 2. Àwọn kan máa ń sọ «pièce» lẹ́nu kí wọ́n sì máa gbé ìdajì fún èèyàn. Ẹ béèrè «six yards ou douze ?», kí ẹ sì béèrè bóyá owó ọkọ̀ títí dé Sẹ̀mẹ̀ wà nínú rẹ̀. Ó lè jẹ́ pé ti Lómè gan-an ni kò wọ́n.

Báyọ̀ Gbági

Tó bá wá pe màmá lórí fóònù lẹ́yìn tó ka iṣẹ́ náà ńkọ́? Àwọn ìyá Lómè máa ń pè.

Ọmọ Àjàṣẹ́

Á pè. Ẹ jẹ́ kó sọ̀rọ̀ tán. Bó bá ní kí ẹ mú 150, ẹ má sọ «on verra». Ó jọ «a ó máa wò ó» ti wa, kò sì tíì pa ilẹ̀kùn dé. Ẹ sọ pé: «Non Maman, merci. Cette fois-ci, 60 au maximum.» Kí ẹ sì ṣọ́ra fún «merci» nìkan láìsí «non». Bí wọ́n bá fi nǹkan lọ èèyàn tó sì ní «merci», ní Faransé ó sábà máa ń jẹ́ pé kò fẹ́. Àmọ́ etí ẹni tó fẹ́ tà lè gbọ́ ọ bí ìdúpẹ́ pé ẹ gbà. Ẹ so wọ́n pọ̀.

Ó tún ṣeé ṣe kó ní kí ẹ san díẹ̀díẹ̀ fún 200. Tí èyí bá wọ̀ yín lójú, ẹ má dá a lóhùn lórí fóònù. Ẹ ní «envoyez-moi ça par écrit, je vous réponds vendredi», kí ẹ sì dá a lóhùn ní ọjọ́ Jímọ̀ náà, ì báà jẹ́ bẹ́ẹ̀ ni tàbí bẹ́ẹ̀ kọ́.

Níkẹ̀ẹ́ Lọ́ńdọ̀nù

Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo kù. Tí ẹ bá ń sọ̀rọ̀ rẹ̀ fún ẹlòmíì ní Faransé, ẹ má sọ pé «j'ai remercié ma fournisseuse». Ó lè túmọ̀ sí pé ẹ ti lé e lọ pátápátá, bí ìgbà tí wọ́n bá yọ òṣìṣẹ́ níṣẹ́ pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́. «J'ai dit merci à ma fournisseuse» ni kí ẹ sọ. Ọjà Lómè kéré, ọ̀rọ̀ máa ń dé etí ẹni tó ni ín.

Ìyá Àǹkárá, Ìbàdàn

Mo ti fi ránṣẹ́. «Madame» ni mo fi sílẹ̀, nítorí òun ni mo ti ń pè é. Ó ti kà á, àmì búlúù méjì ti hàn. Ó fèsì: «D'accord ma fille. 60, je peux voir. Quels dessins ?» Ẹ jọ̀ọ́, ṣé ó ń bi mí pé kí n yan báyìí ni, àbí lẹ́yìn Iléyá?

Ọmọ Àjàṣẹ́

Báyìí ni, màmá. «Je peux voir» kì í ṣe ìlérí o, ó ní òun á wò ó ni. Ẹ mú àwòrán mẹ́ta tàbí mẹ́rin nínú èyí tó fi ránṣẹ́, ẹ kọ iye tí ẹ fẹ́ sí abẹ́ ọ̀kọ̀ọ̀kan, kí àpapọ̀ má kọjá 60, kí ẹ sì béèrè owó àsansílẹ̀ kí ẹ tó sọ «d'accord» fún ohunkóhun: «Quel acompte pour 60 ?»